Àgbéyẹ̀wò kọńtírólà táńkì omi tí a ti lò fún oṣù mẹ́fà ní Ìbàdàn

Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tí mo ń bójú tó ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní agbègbè Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ márùn-ún ni a ní, inú táńkì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti ń fa omi. Bí omi inú táńkì náà ṣe ga tó ni ó ń tì í wọ inú ọ̀rá, nítorí náà ọ̀rá máa ń fúyẹ́ bí omi bá wálẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 150 ni a fẹ́ kí ó máa dúró sí.

Gíga omi nìkan ni kọńtírólà wa àtijọ́ ń wò, tí ó sì fi ń yí eré pọ́ǹpù tí ń gbé omi wọlé padà. Èyí ni fíìdìbáàkì. Àléébù rẹ̀ ni pé omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ohun kan ti yí padà. Lítà 20 ni sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan nínú táńkì wa. Bí ẹ̀rọ mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́, lítà 60 ní ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tan méjì tó kù, ó di 100, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 kí ó tó ṣẹ́rí padà, ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 kí ó tó súnmọ́ ipò rẹ̀. A gbìyànjú láti mú kọńtírólà náà le sí i, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń rú lójú táńkì ni pọ́ǹpù náà ń sáré sókè sódò.

Kọńtírólà tuntun yìí ń ka mítà tí ó wà lójú páìpù tí omi ń gbà jáde, ó sì ń fi ohun tí ó kà níbẹ̀ kún àṣẹ pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀. Èyí ni fíìdìfọ́wọ́ọ̀dù. Àṣẹ náà rí báyìí:

```
u = Kff * q_out + Kc * (e + I / Ti)
```

Apá àkọ́kọ́ ni ti mítà, apá kejì ni ti fíìdìbáàkì. `u` ni iye omi tí a ní kí pọ́ǹpù gbé wọlé, `q_out` ni ohun tí mítà kà, `Kff` sì ni iye tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. `e` ni bí omi ṣe dín sí 150 tó, `I` ni àkójọ `e` láti ìgbà dé ìgbà, `Kc` àti `Ti` sì ni iye tí a fi ń pinnu bí fíìdìbáàkì yóò ṣe le tó. Ní báyìí, bí a bá tan ẹ̀rọ méjì náà pa pọ̀, omi kì í wálẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ìyẹn sì jẹ́ nítorí pé ìdajì ìṣẹ́jú ni pọ́ǹpù fi ń gbé eré rẹ̀ dé ibi tí a rán an.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa bèèrè pé kí ló dé tí a kò yọ fíìdìbáàkì kúrò pátápátá. Mo pa á fún wákàtí kan kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Mítà wa ń kà kéré ní ìdá 5 nínú 100: bí lítà 60 bá ń jáde, 57 ló ń sọ, pọ́ǹpù á sì gbé 57 wọlé. Lítà 3 tí ó dín ní ìṣẹ́jú kan kò jọ ohunkóhun, àmọ́ omi wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9 láàárín wákàtí náà. Táńkì kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Gbogbo ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lójoojúmọ́ ló ń kó jọ.

Ọ̀nà tí mo fi mọ àṣìṣe mítà náà ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rọ yìí, nítorí ó ń fi apá fíìdìbáàkì hàn lọ́tọ̀ lójú ìbòjú rẹ̀. Bí fíìdìfọ́wọ́ọ̀dù bá péye, apá yẹn yẹ kí ó wà ní ìtòsí òdo. Tiwa dúró sí lítà 3 nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, ó sì dúró sí 5 nígbà tí márùn-ún ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé ó ń pọ̀ bí omi tí ń jáde ṣe ń pọ̀, mo mọ̀ pé `Kff` ni kò tó, mo sì gbé e láti 1 sí 1.05. Bí ó bá jẹ́ pé iye kan náà ni ó ń fi hàn nígbà gbogbo, omi tí ń jò níbì kan tí mítà kò rí ni ǹ bá lọ wá.

Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n wá gbé e kalẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá tan fíìdìfọ́wọ́ọ̀dù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, láìrántí pé fíìdìbáàkì ti ń gbé lítà 60 tẹ́lẹ̀. Méjèèjì di nǹkan bíi 120, omi gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 11, ọ̀rá sì ń wú bí bọ́ọ̀lù. “Ẹ má bínú, sà,” ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti yọ iye tí fíìdìfọ́wọ́ọ̀dù gbé wá kúrò lára `Kc * I / Ti` ní àkókò kan náà tí ó tan án.

Ẹ̀sùn mi kejì ni pé bí wáyà mítà bá já, kọńtírólà á gbà pé omi kankan kò jáde, á sì dá pọ́ǹpù dúró bí ẹni pé kò sí wàhálà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ó di iye ìkẹyìn mú, kí ó sì fọn fèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó bèèrè fún èyí kí ó tó sanwó.

N kò sì fi í sí táńkì wa kejì, èyí tí ó wà ṣáájú àwọn asẹ́ omi. Iṣẹ́ táńkì yẹn ni pé kí omi rẹ̀ máa lọ sókè sódò, kí ìyípadà má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn asẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi fíìdìfọ́wọ́ọ̀dù mú un dúró gbọnin, gbogbo ìyípadà náà ni yóò kọjá lọ bá wọn ní tààrà.