Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́ fírémù já: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ yíyọ ọ̀pá ìjókòó tó há sínú kẹ̀kẹ́

"Kà!" Bẹ́ẹ̀ ló dún, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì pa rọ́rọ́. Orí ọ̀pá ìjókòó ni wọ́n fi fáìsì mú, fírémù sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ méjì. Ọ̀kan gbá iwájú mú, èkejì gbá ibi tí táyà ẹ̀yìn ń gbé mú, wọ́n sì ń lọ́ ọ bí ẹni tó ń fún aṣọ tútù. Ọ̀pá ni mo rò pé ó ti jọ̀wọ́. Àfi ìgbà tí mo wò ó, tí orí ọ̀pá já sínú fáìsì, tí ìyókù ṣì wà nínú fírémù gbọnin-gbọnin, tí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sì ti yọ lára ọ̀dà níbi tí páìpù ìjókòó ti pàdé àwọn páìpù ẹ̀yìn. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, a ti sọ fún yín pé ó lè rí bẹ́ẹ̀." Wọn ò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Kí n tó bínú dé òpin, mo gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n yọ bóòtù tó fún ọrùn páìpù pọ̀, wọ́n sì yọ irin tí pẹ́dà ń yí lé lórí kúrò ní ìsàlẹ̀. Wọ́n dojú fírémù dé, wọ́n wá da òróró tí ń wọ inú ìpẹtà gba ihò tó wà níbẹ̀, kí ó lè dúró lé ẹ̀yìn ìpẹtà gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí. Wọn á wọ́n òróró sí ọrùn páìpù lókè, wọn á sì máa retí iṣẹ́ ìyanu. Òróró òkè kì í sábà kọjá sẹ̀ǹtímítà kan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pá tèmi wọlé tó 14. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mu òróró láti ìsàlẹ̀. Fún ìyẹn, mo kí wọn.

Ohun tó mú un há kò ṣòro láti mọ̀. Irin ni fírémù, àlùmíníọ̀mù ni ọ̀pá. Bí omi òjò tàbí òógùn oníyọ̀ bá wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n di bátìrì kékeré, àlùmíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ń ti ibẹ̀ jáde gba àyè ju àlùmíníọ̀mù tó di í lọ, nítorí náà á máa fẹ̀ síbi tí kò sí àyè, títí tí ọ̀pá á fi fún bí ìdérí ìgò. Ìdí nìyẹn tí agbára lásán kì í fi í ṣí i, torí pé odindi sẹ̀ǹtímítà 14 ló dì mọ́ra yípo, kì í ṣe ojú kan.

Ọmọṣẹ́ kan ti fẹ́ gbé iná sí i kí wọ́n tó lọ́ ọ. Bí àlùmíníọ̀mù bá gbóná, ó máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Bí iná bá pẹ́ lára fírémù tó fi dé inú, ọ̀pá ló máa fún sí i, ọ̀dà á sì ti jó lófo. Òtútù ló yẹ. Yìnyín fífọ́ àti iyọ̀ ni wọ́n padà rọ sínú ihò ọ̀pá, èyí sì tọ̀nà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má retí púpọ̀. Ọ̀pá mi fẹ̀ ní mìlímítà 27.2. Bí ó bá tutù pẹ̀lú ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, mìlímítà 0.025 péré ló máa fi súnkì. Irun orí nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń já ìdè ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń tún un ṣe léraléra, kì í ṣe pé ó ń tú ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáìsì náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, nítorí fírémù gígùn á di ọwọ́ agbára ńlá. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Kí ẹnì kan máa wo ọrùn páìpù bí àwọn yòókù bá ń lọ́ ọ. Bí ọ̀pá bá ń yí, bó ti wù kó kéré tó, ẹ máa gbọ́ igbe rẹ̀, ẹ ó sì rí ìyẹ̀fun funfun tó ń jáde. Bí ẹ̀yìn fírémù bá ń lọ́, tí ó ń padà síbi tó wà, tí kò sì sí ìyẹ̀fun, a jẹ́ pé fírémù lẹ ń tẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá lẹ ń yí. Mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti ń gbé fóònù láti ya ìlà orí ọ̀dà náà ni bàbá kan ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde wá. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé fírémù sórí tábìlì, ó fi abẹ ha ọ̀dà yẹn kúrò títí irin fi hàn, ó fi kẹrosíìnì pa ojú ibẹ̀, ó ní ká jẹ́ kó wọlé dáadáa. Ó wá nù ún gbẹ fínnífínní, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. Bí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti wọ ojú sísán náà á padà jáde, á sì ya ìlà dúdú sínú ṣọ́ọ̀kì. A wò ó fún bí ìdajì wákàtí. Kò sí ìlà. Ọ̀dà nìkan ló là, irin kò ṣe nǹkan kan. "Ó kù díẹ̀ kí a jẹ gbèsè," ló sọ, ó yíjú sí àwọn ọmọ náà, wọ́n sì wá nǹkan ṣe níbòmíràn.

Láti ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ẹnì kan dábàá kọ́síìkì sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ó ń jẹ àlùmíníọ̀mù, kì í jẹ irin, nítorí náà lórí fírémù irin ó ṣeé ṣe. Bàbá ò gbà, mo sì bá a gbà. Fírémù mi ní ihò bóòtù méjì tí wọ́n ń so ohun tó ń gbé ìgò omi mọ́, inú páìpù ìjókòó sì ni wọ́n já sí. Bí èdídì kan bá jò, ọ̀dà lọ nìyẹn, bóyá awọ ọwọ́ náà tẹ̀lé e. Ó tún máa ń hó, ó ń gbóná, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Bí fírémù bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, torí kò mọ èwo ni ọ̀pá, kò mọ èwo ni fírémù.

Ayùn ni Bàbá mú. Ó kọ́kọ́ gé ìyókù ọ̀pá kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lókè ọrùn páìpù, ó fi kálípà wọn ògiri rẹ̀: mìlímítà 2.5. Ó yọ abẹ ayùn irin kúrò nínú fírémù ayùn, ó we téèpù mọ́ apá kan kó lè di ọwọ́ mú, ó sì dojú eyín rẹ̀ kọ ara rẹ̀ kó lè máa gé nígbà tó bá ń fà á. Abẹ tí eyín rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ló yàn, nítorí àlùmíníọ̀mù rọ̀, ó sì máa ń dí eyín wẹ́wẹ́. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí abẹ, ó ti yá. Láti inú ihò ọ̀pá ló ti ń gé síta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìlà kan ṣoṣo. Ó yẹra fún ẹ̀yìn páìpù, níbi tí ojú tí wọ́n là sí ọrùn rẹ̀ parí sí. Ibẹ̀ ni fírémù kọ́kọ́ máa ń sán, kò sì fẹ́ fi ayùn pè é.

Bí a ṣe mọ̀ pé abẹ ti kọjá ọ̀pá láìtíì jẹ fírémù ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́. Bàbá tẹ́ bébà funfun sílẹ̀, ó ń gbọn èérún ayùn sórí rẹ̀. Èérún àlùmíníọ̀mù ń dán, ó sì rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun bí ṣọ́ọ̀kì dé, ìyẹn ìpẹtà náà. Nígbà náà ló ń fa abẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kọjá lórí bébà léraléra. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú àlùmíníọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀kan tí èérún dúdú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn báyìí, ó dúró níbẹ̀, ó ti abẹ sísàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìró rẹ̀ náà yí padà: lórí àlùmíníọ̀mù ó ń kùn, lórí irin ó ń ké wín-ín, abẹ á sì máa yọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ṣòro jù, torí abẹ máa ń tẹ̀, á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgé tán. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì gba ihò irin pẹ́dà láti rí i. Ìlà àkọ́kọ́ gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀.

Ó gé ìlà kejì ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó wá fi sukudiráífà pẹlẹbẹ gbá etí àárín àwọn méjèèjì sínú, ó fi páláyà mú un, ó sì ń ká a bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí bí ìdérí agolo. Bí ìyẹn ti kúrò ni ìyókù ọ̀pá ti rí àyè sún. Páláyà fún un pọ̀, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ̀fun dà ṣùrù, ọ̀pá sì jáde sọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì wo inú páìpù: ipa ayùn méjì péré, èyí tó jinlẹ̀ jù lọ kò ju kí èékánná mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ẹ̀sùn mi. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi fẹ́ ta ọ̀pá tuntun fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni. Mo wo nọ́ńbà ara rẹ̀, 27.0 ni. Mìlímítà 0.2 dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀pá á máa yọ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀yin á máa dè bóòtù sí i, ọrùn páìpù á sì sán níbi tí Bàbá fi gbogbo ọ̀sán yẹra fún. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ ti 27.2 wọlé láìfi gíríìsì kankan pa á, nínú páìpù tí wọn ò tíì fọ kẹrosíìnì àti èérún kúrò nínú rẹ̀! Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo nù ún fúnra mi, mo sì ní kí wọ́n bu gíríìsì oníbàbà wá, kí wọ́n fi pa gbogbo ibi tó máa wọlé. Ó tún kọ ìgé orí ọ̀pá sínú ìwé owó, bí ẹni pé kì í ṣe àwọn ló já a.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Bí tiyín bá há, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ ṣáà béèrè Bàbá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.