Gbajúmọ̀ Èkó tàbí ọmọ Òkun aláwàdà: ta ló ń bá ni ta ìpara?

Ẹni tó bá ń po ìpara tà ní Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, tó wá fẹ́ fi owó díẹ̀ gba ìnfúlúẹ́ńsà, ọ̀nà méjì ló máa ń rí níwájú. Ó lè kó owó náà fún ẹnì kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ní Èkó, ó sì lè lọ bá ọmọ àdúgbò tí àwọn tó ń tẹ̀lé e kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Àbúrò mi obìnrin gbìyànjú méjèèjì. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ni mo tẹ́ síwájú tí mo fi ń kọ èyí.

Ìpara òrí ló ń tà, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. ₦4,500 ni rọ́bà kan. Ohun tó ń ná lé e lórí, látorí òrí títí dé rọ́bà àti ìwé ara rẹ̀, jẹ́ ₦2,300. Èrè ₦2,200 ló kù. Ẹni tó bá mú kóòdù ìnfúlúẹ́ńsà wá ń rí ẹ̀dínwó ₦450, torí náà ₦1,750 ló ń wọ àpò àbúrò mi lórí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, kó tó san owó ẹni tó polówó.

| | Gbajúmọ̀ Èkó | Aláwàdà Òkun |
|---|---|---|
| Àwọn tó ń tẹ̀lé e | 86,000 | 4,200 |
| Owó iṣẹ́ | ₦150,000 lódidi | ₦20,000, àti ₦400 lórí rọ́bà kọ̀ọ̀kan |
| Rọ́bà tó gbọ́dọ̀ tà kówó tó padà | 86 | 15 |
| Àwọn tó kọ̀wé wá | 214 | 48 |
| Àwọn tó sanwó | 31 | 27 |

Ẹ wo ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni Èkó yẹn ò gba owó jẹ. Èèyàn 214 ló rán wá, wọ́n sì béèrè iye owó lóòótọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ₦3,500 ni owó tí wọ́n máa fi gbé rọ́bà kan láti Kàbà dé Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fèsì mọ́. Ta ló máa san ₦3,500 lórí ìpara ₦4,500? Ọmọbìnrin tó ń fi èdè Òkun ṣàwàdà, ní tirẹ̀, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Lọ́kọ́jà ni àwọn èèyàn rẹ̀ wà. Awakọ̀ kan ní gáréèjì lè bá ọ gbé rọ́bà mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ kan náà, owó rẹ̀ ò sì ni ọjà lára.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kéèyàn tó béèrè iye tẹ̀lé-tẹ̀lé, kó kọ́kọ́ béèrè ìlú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi Instagram ṣiṣẹ́ lè ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Insights, á sì rí àwọn ìlú tí àwọn tó ń tẹ̀lé e pọ̀ sí jù. Ẹ má gba fọ́tò rẹ̀ o, torí fọ́tò ṣeé tún ṣe. Ẹ ní kó fi fóònù ya fídíò ojú ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣí i fúnra rẹ̀, kó sì yí i sókè yí i sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè yìí ti dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fídíò rẹ̀ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ọkàn pupa àti iná nìkan ni, láìsí ẹni tó béèrè ohunkóhun, kò sí ọjà níbẹ̀. Lábẹ́ fídíò aláwàdà yìí, ẹnì kan ń bi í pé níbo ló ti ra ìró tó ró. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá.

Ní ti àdéhùn, ojú ewé kan péré tó, kódà lórí WhatsApp, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti kọ̀wé pé ẹ gbà. Àbúrò mi san ìdajì kí fídíò tó jáde, ìdajì yòókù di ọjọ́ keje. Fídíò náà gbọ́dọ̀ wà lójú òpó fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìnfúlúẹ́ńsà ò sì ní polówó ìpara ẹlòmíràn láàárín àkókò yẹn. Àbúrò mi gbọ́dọ̀ rí i kó tó jáde. Èyí tó kẹ́yìn yìí gbà á lọ́wọ́ wàhálà, nítorí ẹni Èkó ti sọ nínú fídíò àkọ́kọ́ pé ìpara náà ń wo èéyi, ó sì ń mú ara funfun. Òrí ò wo èéyi, ìpara yẹn kì í sì í bóra. Àbúrò mi ní kó yọ ọ́. Ẹ rántí pé NAFDAC àti ARCON, tí òfin 2022 fún ní agbára lórí ìpolówó títí dé orí ẹ̀rọ ayélujára, ń fẹ́ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ta ló máa lọ gba ìwé náà, ta ló sì máa sanwó rẹ̀.

Kọmíṣọ̀n ₦400 yẹn, ìrajà àkọ́kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi kóòdù ṣe nìkan ló wà fún. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Láti mọ ẹni tó wá láti ibo, ìnfúlúẹ́ńsà kọ̀ọ̀kan gba kóòdù tirẹ̀ àti ìsokọ́ra WhatsApp tirẹ̀, èyí tí kóòdù náà ti wà nínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, kóòdù á ti wà nínú ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=OKUN10
```

Síbẹ̀, kóòdù nìkan á tàn yín jẹ. Àbúrò mi fi nọ́ńbà fóònù àwọn 27 yẹn wé ìwé oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, ó rí i pé mẹ́fà ti ń ra ìpara náà tẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn ì bá ṣì rà á láìsí ẹ̀dínwó, nítorí náà ₦850 ló sọ nù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó ka àwọn 21 tuntun nìkan sí èrè, tó sì yọ ìyẹn àti ₦20,000, èrè tó dà bíi ₦16,450 tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ sí ₦3,250. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní kó dúró di ọgọ́ta ọjọ́. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tuntun padà wá, wọ́n san ₦4,500 pé, láìsí kóòdù, láìsí kọmíṣọ̀n, èrè sì di ₦23,050. Nínú àwọn tí ẹni Èkó rán wá, mẹ́rin ló padà, àdánù ibẹ̀ sì jẹ́ ₦86,950.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Lọ́sẹ̀ tí fídíò aláwàdà jáde, àwọn tó wá sí ìsọ̀ láìmú kóòdù lọ́wọ́ ra rọ́bà 19, nígbà tó jẹ́ pé 12 ni wọ́n máa ń rà lọ́sẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fídíò náà ló gbé àwọn kan wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ta ni ò sì ní ra òrí nígbà ọyẹ́? A ò kà wọ́n mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìpolówó tó ń bọ̀, ìgbà òjò la ti fi sí.

Àbúrò mi ti kọ̀wé sí ẹni Èkó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kó wá gba ₦600 lórí rọ́bà kọ̀ọ̀kan, láìsí owó iwájú, bí òun bá rí ẹni tó lè máa kó ọjà sí Èkó ní ogún-ogún. Ó ti ka ìwé náà. Kò tíì fèsì.