Ẹ ṣọ́ra fún "hẹ́kítà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà" lójú ọ̀nà Ẹdẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilẹ̀ rà ní Ilé-Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń rán owó sílé láti ìdálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, owó àbúrò mi ló sì bá a lọ. Ó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ájẹ́ńtì kan mú mi lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ẹdẹ. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, wọ́n ti fi katakata ha á, wọ́n sì ti gún èèkàn sí i. Mo béèrè iye tí pulọ́ọ̀tì kan jẹ́. Ó ní, "Màámi, hẹ́kítà la fi ń ṣírò ilẹ̀ tiwa, kó má baà sí ìrẹ́jẹ. Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni onílẹ̀ ń ta hẹ́kítà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹ pín in, mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni tiyín. A ò lé kọ́bọ̀ lé e, inú owó ájẹ́ńsì ni èrè wa wà."

Ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀ lójú mi: 15,000,000 ÷ 6. Ìdáhùn tó jáde tọ̀nà. Mẹ́fà yẹn gan-an ni irọ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Hẹ́kítà kan jẹ́ sukuéà mítà 10,000, ìyẹn ilẹ̀ tó gùn ní mítà 100, tó sì fẹ̀ ní mítà 100. Pulọ́ọ̀tì tí wọ́n gún èèkàn sí fún mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Bí a bá sọ ọ́ di mítà, ó jẹ́ 15.24 sí 30.48, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ sukuéà mítà 464 àti ààbọ̀. Tí ẹ bá wo iye 464 àti ààbọ̀ tó wà nínú 10,000, ó lé ní 21. Hẹ́kítà kan gba pulọ́ọ̀tì 21, ẹni yìí sì sọ fún mi pé mẹ́fà ni.

Níbo ló ti rí mẹ́fà? Inú éékà ló ti jí i. Éékà kan jẹ́ sukuéà mítà 4,047, kò tó ìdajì hẹ́kítà. Bí a bá gé éékà sí pulọ́ọ̀tì ńlá, ti ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, mẹ́fà ló máa ń jẹ́ lóòótọ́. Ìyẹn ni pé ó mú iye pulọ́ọ̀tì inú éékà, ó fi pín owó hẹ́kítà, ó sì fi pulọ́ọ̀tì kékeré lé mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ éékà yàtọ̀ sí hẹ́kítà kò lè fura, nítorí ó ti ń gbọ́ "pulọ́ọ̀tì mẹ́fà" tipẹ́tipẹ́.

N kò fẹ́ parọ́ mọ́ ọn o. Gbogbo hẹ́kítà kọ́ ló ṣeé tà, torí títì àti gọ́tà máa ń jẹ nínú ẹ̀. Ká ní wọ́n yọ ìdá mẹ́rin kan fún títì, ó ku sukuéà mítà 7,500. Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí 7,500 jẹ́ ₦2,000 fún sukuéà mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìṣirò yìí, pulọ́ọ̀tì mi jẹ́ ₦929,000. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lódidi tó ń tà á ní ẹyọ lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè, kò sí ẹni tó máa bínú sí ìyẹn. Àmọ́ ẹni yìí sọ fún mi pé òun ò lé nǹkan kan lé e. Pulọ́ọ̀tì mẹ́rìndínlógún ló máa jáde nínú ilẹ̀ náà. Bó bá ta gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀, ogójì mílíọ̀nù ló máa pa lórí ilẹ̀ tó pè ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Owó ìwé ló wá tẹ̀ lé e. Lọ́yà, ìdá mẹ́wàá. Ájẹ́ńsì, ìdá mẹ́wàá. Orí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, ₦250,000 lọ́tùn-ún, ₦250,000 lósì. Irọ́ mẹ́fà yẹn ti wọ inú owó lọ́yà lọ nìyẹn. Lọ́yà ọ̀hún, tiwọn ni. Àgírímẹ́ńtì tó fi ránṣẹ́ kọ "pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan" láìsọ gígùn rẹ̀ tàbí fífẹ̀ rẹ̀.

Sọ́fè, ₦300,000. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó sọ́fè àti ti lọ́yà kí wọ́n lè "tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé". Mo san án, mo sì fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà tí ìwé sọ́fè dé, mo gbé e lọ fún bàbá awọnlẹ̀ kan tí wọ́n júwe fún mi ní Lágéré. Bàbá ò tíì jókòó tán tó ti fi ìka lé ilà pupa tó yí ilẹ̀ inú ìwé ká. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbí fún mi." Mo kà á: 9,964. Ó ní, "Ṣé gbogbo hẹ́kítà yìí lẹ rà ni?"

Sọ́fè gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n ṣe fọ́tò kọ́pì fún mi. Ní ibi tí orúkọ wa ti yẹ kó wà, orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa gba ₦300,000 lọ́wọ́ wọn lórí sọ́fè ẹyọ kan ṣoṣo.

Tí ẹ bá gba ìwé sọ́fè pulọ́ọ̀tì 50 sí 100, nọ́ńbà tó wà láàárín ilà pupa gbọ́dọ̀ súnmọ́ 464. Bó bá jẹ́ 418, ẹsẹ̀ bàtà 45 ni wọ́n fún yín lójú títì. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀, sítáàǹpù awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bá ti ara òpó kankéré kéékèèké tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ mu. Ẹ lọ wo àwọn òpó náà fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí awọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe tiwọn, mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní Òṣogbo, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sórí ti ẹlòmíràn tàbí ti ìjọba. Kí lọ́yà tiyín kọ iye sukuéà mítà àti nọ́ńbà òpó sínú àgírímẹ́ńtì. Èyí ni kí ẹ ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

N kò san èyí tó kù. ₦1,550,000 wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní owó ìwé kì í padà, wọ́n sì ní kí n mú ẹlòmíràn wá ra ilẹ̀ náà kí n tó lè gba mílíọ̀nù kan. Lọ́yà mi ti kọ̀wé sí wọn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tún rí ájẹ́ńtì yìí níbẹ̀, ó kó tọkọtaya kan lẹ́yìn. Mo súnmọ́ wọn, mo sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ti yí i padà. Ó ní hẹ́kítà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Mẹ́jọ náà, inú éékà ló ti jí i: bí ẹ bá gé éékà sí 50 sí 100, mẹ́jọ àti díẹ̀ ló máa ń jáde.