Ọdún Kan Pẹ̀lú Sọ́fítíwíà Tó Ń Ka Ínfọ́ísì: Ó Yára, Ṣùgbọ́n Ẹ Ṣọ́ Pọ́íǹtì

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ohun tí eléyìí ṣe fún mi, òmíràn náà lè ṣe é. Akọ̀wé akáǹtì ni mí ní ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. A ó fi sìkánà ya ínfọ́ísì, sọ́fítíwíà náà á ka orúkọ ẹni tó tajà fún wa, ọjọ́, nọ́ńbà àti iye owó, á sì kó wọn sínú ìwé ìsanwó. Tẹ́lẹ̀, ínfọ́ísì bíi 20 lè jẹ gbogbo àárọ̀ mi. Ní báyìí, kí tíì mi tó tutù, ó ti parí. Bí ẹnìkan bá sì fi ínfọ́ísì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kíá ló ń pariwo. Fún ìyẹn nìkan, owó rẹ̀ kò dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì la máa ń sanwó. Kí n tó ya ìwé kankan, mo máa ń fi kalikulétọ̀ tó ń tẹ ìwé jáde ro àpapọ̀ gbogbo ínfọ́ísì náà, màá sì fi pín-ìn-nì kan ìwé yẹn mọ́ ẹ̀yìn wọn. Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ṣé ẹ ò gba ẹ̀rọ yìí gbọ́ ni?"

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ìwé kalikulétọ̀ mi ní ₦4,316,820. Ojú kọ̀ǹpútà ní ₦22,409,070. Ọ̀gá wa ti wo iye yẹn láàárọ̀, ó ní owó dísẹ́ẹ̀lì ló tún lọ sókè.

Mo yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku 18,092,250. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé kí n fi 99 pín àṣẹ́kù, torí iye owó tí pọ́íǹtì rẹ̀ bá sọnù máa ń di ìlọ́po 100 ara rẹ̀. Bí o bá yọ ojúlówó owó náà kúrò nínú rẹ̀, ìlọ́po 99 ló kù. Mo pín in: 182,750 géérégé, kò ṣẹ́ kù rárá. Mi ò wulẹ̀ yẹ gbogbo ìwé wò mọ́, ínfọ́ísì ₦182,750 ni mo ń wá. Ti ẹni tó ń ta ìwé títẹ̀ fún wa ni: rímù 40, ₦4,250.00 ẹyọ kan, ₦170,000.00, owó-orí ọjà ₦12,750.00. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ti di mílíọ̀nù 18 ó lé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé sọ́fítíwíà náà máa ń yẹ ìṣirò wò fúnra rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan. Gbogbo owó tó wà lórí ìwé náà ni pọ́íǹtì ti kúrò lára wọn. 40 lọ́nà 425,000 jẹ́ 17,000,000 lóòótọ́. Ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 1,275,000. Irọ́ náà bára mu látòkè délẹ̀. Kò fi àwọ̀ yẹ́lò tó fi ń sọ pé ojú òun ò ríran dáadáa sí i rárá, torí ó rí gbogbo nọ́ńbà kedere. Ohun tí kò rí, kò lè ṣiyèméjì lé e lórí.

Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fún wa, ó ti ṣá, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì fi kọ́mà sí owó. Sìkánà wa wà lórí 200 dpi, dúdú àti funfun nìkan. Níbẹ̀, pọ́íǹtì kan kò ju píkísẹ̀lì mẹ́ta lọ ní fífẹ̀. A tún tan "Despeckle", èyí tó ń nu ẹ̀gbin kékeré kúrò lára àwòrán. Ó nu pọ́íǹtì mọ́ ẹ̀gbin. Àlàfo ló kù níbẹ̀, sọ́fítíwíà sì pa nọ́ńbà ọ̀tún àti tòsì pọ̀.

Mo ti gbé e sí 300 dpi àti "Grayscale", mo sì pa "Despeckle". Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì ti wúwo sí i. Ibi tó ti mọ́yán lórí jù ni pé kí ínfọ́ísì bá ìwé ìbéèrè ọjà mu kó tó wọlé. Sọ́fítíwíà náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọjà kéékèèké bíi rímù, a kì í kọ ìwé ìbéèrè fún un. Ibẹ̀ ni àlàfo wa ṣì wà.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ìbá gba 4 ká ní ó ní àyè tí mo lè tẹ àpapọ̀ tèmi sí kó tó jẹ́ kí n tẹ̀síwájú. Àbúrò mi ti ra bébà kalikulétọ̀ róòlù mẹ́ta sílẹ̀.