Ọ̀rọ̀ Ara Òkúta Ibojì Àgùdà Kan: Àgbéyẹ̀wò Atúmọ̀-èdè Méjì Tí Mo Sanwó Fún

Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun kan ṣoṣo ni ó kù tí ó fi ojú ibojì ìyá ńlá wa hàn. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìjọba wó itẹ́ náà ní àwọn ọdún 1970, òkúta ibojì náà sì bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ya fọ́tò rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Ọmọ Àgùdà ni wá, èdè Potogí ni wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ ara òkúta náà, bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ti Bahia ní Bràsíl padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà mọ́ nínú ilé wa. Ìdí nìyí tí mo fi wá atúmọ̀-èdè, tí mo sì sanwó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí iṣẹ́ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí ó wà lára òkúta nìyí. Mo ti yọ orúkọ ìyá náà kúrò:

```
AQUI JAZEM OS RESTOS MORTAES
DE D. ............
NATURAL DA BAHIA
NASCEU A 5 DE JUNHO DE 1829
FALLECEU A 14 DE 7BRO DE 1891
COM 62 ANNOS . MEZES E 9 DIAS
TRIBUTO DE ETERNA SAUDADE
DE SEU ESPOSO E FILHOS
P. N. A. M.
                         LX.A
```

Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ni mo kọ́kọ́ lọ, irú èyí tí ó máa ń tú ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ìgbéyàwó fún àwọn tí ó ń tọrọ físà. Wọ́n gba 40,000 náírà, wọ́n sì fún mi ní ìwé kan ní ọjọ́ kejì, tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìwé náà mọ́, kò sì ní àṣìkọ kankan, èyí ni ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí n tó fura sí i. Ó sọ pé àwọn òkú Dókítà Lágbájá ni ó wà níbẹ̀, pé ẹ̀dá Bahia ni, pé ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1891, àti pé ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ni wọ́n ṣe ìrántí náà fún un. Lẹ́tà P.N.A.M. wà ní ìsàlẹ̀ bí ó ṣe wà lára òkúta, láìsí àlàyé. Ìlà tí ó ní oṣù tí ó ti parẹ́, wọ́n fò ó pátápátá, wọn kò sì sọ fún mi pé wọ́n fò ó.

“Ọmọkùnrin” yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin ìyá náà ni ẹ̀ka tiwa ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí mo ka ìtumọ̀ náà níbi ìpàdé ẹbí, àbúrò bàbá mi kan fi ẹ̀rín bi mí pé, “Ṣé o ti gbọ́ pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n bí? Níbo wá ni ẹ̀yin ti wá?” Àwàdà ni, ṣùgbọ́n mo délé pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni Dókítà obìnrin sì ń ṣe ní Èkó ní ọdún 1891?

Ẹnì kejì jẹ́ obìnrin kan ní Salvador, ní Bahia, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ìwé àti òkúta àtijọ́. Owó tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà sì gba ọjọ́ 11. Mẹ́rin nínú ọjọ́ wọ̀nyí ni ó lò kí ó tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré, nítorí pé kò gba fọ́tò tí mo fi fóònù yà láti orí fọ́tò àtijọ́ náà. Ó ní fóònù máa ń dán ojú àwòrán, tí yóò sì fọ etí lẹ́tà dànù. Ó ní kí n síkáànì fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n àmì 1200 fún íǹṣì kan, ní àwọ̀ eérú, láìṣe àtúnṣe kankan sí i. Ìbéèrè rẹ̀ kejì yà mí lẹ́nu: ó fẹ́ mọ apá ibi tí oòrùn ti ń ràn nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. A wo òjìji àgbélébùú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, ó ṣubú sí apá òsì, nítorí náà apá ọ̀tún ni oòrùn wà. Ó ṣàlàyé pé bí a bá gbẹ́ lẹ́tà sínú òkúta, ògiri kòtò rẹ̀ tí ó kẹ̀yìn sí oòrùn yóò dúdú, èkejì tí ó kọjú sí i yóò sì mọ́lẹ̀. Nínú fọ́tò wa, lẹ́tà tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní ìlà dúdú ní ọ̀tún àti ìlà funfun ní òsì. Ewéko tí ó hù sára òkúta tàbí ìdọ̀tí yóò dúdú lásán, láìní ẹ̀gbẹ́ funfun. Ọ̀nà yìí ni ó fi mọ̀ pé ohun tí ó dà bí àmì ìdánudúró lẹ́yìn BAHIA kì í ṣe àmì rárá.

Ohun tí ó fi ránṣẹ́ sí mi ní ìpele mẹ́ta, ìdí tí mo sì fi ń yìn ín gan-an nìyí. Àkọ́kọ́ jẹ́ àdàkọ, ìlà kan sí ìlà kan, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan, bí ó ṣe wà, tí kò tún sípẹ́lì ìgbà náà ṣe. Ó fi “mortaes”, “annos”, “mezes” àti “falleceu” sílẹ̀, nítorí pé bí àwọn ará ìgbà náà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọdún 1911 ni Potogí ṣe àtúntò sípẹ́lì rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà méjì-méjì báyìí fi kúrò. Ẹni tí ó bá wá “falleceu” nínú ìwé atúmọ̀ òde òní lè má rí i. Ìpele kejì ni ó ti tú àwọn ìkékúrú: ohun tí ó fi kún un wà nínú àkámọ́ róbótó, ohun tí ó ti parẹ́ lára òkúta sì wà nínú àkámọ́ onígun. Ìpele kẹta ni ìtumọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, mo lè rí ohun tí òkúta sọ àti ohun tí òun sọ, wọn kò sì dàpọ̀. Ìwé ti àkọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

D. ni ó kọ báyìí: D(ona). Oyè ọ̀wọ̀ fún obìnrin ni, èmi tú u sí Ìyáàfin. “Jazem” wà ní ọ̀pọ̀ nítorí “restos”, èyí tí í ṣe ohun tí ó kù nínú ara. Kò túmọ̀ sí pé òkú púpọ̀ ni ó wà nínú ibojì náà. “Natural da” pẹ̀lú orúkọ ìlú túmọ̀ sí ẹni tí a bí níbẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá rí “filha natural” nínú ìwé ìrìbọmi, ohun mìíràn ni ìyẹn: ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó.

Ibi tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn jù lọ ni 7BRO. Àwa Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè tàn jẹ, nítorí pé òǹkà ni a fi ń pe oṣù: a bá rí 7, a sọ pé oṣù Keje. Ṣùgbọ́n ìró ni 7 yìí dúró fún. “Sete” ni eéje lédè Potogí; a fi 7 dípò ìbẹ̀rẹ̀ “setembro”, a sì kọ “bro” tẹ̀lé e. Oṣù Kẹsàn-án ni. Bákan náà ni 8bro jẹ́ oṣù Kẹwàá, 9bro jẹ́ oṣù Kọkànlá, 10bro tàbí Xbro sì jẹ́ oṣù Kejìlá. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n fún oṣù wọ̀nyí lórúkọ, nígbà tí ọdún wọn ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, tí oṣù Kẹsàn-án tiwa sì jẹ́ ìkeje nínú rẹ̀.

Mo bi í léèrè bóyá agbẹ́ òkúta náà lè ní oṣù Keje lọ́kàn. Ó ní kí n ṣírò rẹ̀ láti ara òkúta. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1829 ni wọ́n bí ìyá náà. Ọdún 62 gbé wa dé ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1891. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Keje ni wọ́n kú, oṣù kan àti ọjọ́ 9 ni yóò kù. Oṣù kan lédè Potogí ni “mez”, “mezes” tí ó wà lára òkúta sì jẹ́ ọ̀pọ̀. Oṣù Keje kò lè wọ ibẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ 9 ni. Ó wá padà sí ojú ibi tí òǹkà ti parẹ́, ó sì fi hàn mí nínú àwòrán tí ó mú tóbi pé ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ ìtẹ̀ méjì tí ẹnu wọn ṣí sí òsì. Mẹ́ta ni. Síbẹ̀, [3] ni ó kọ, nínú àkámọ́ onígun, nítorí pé ìṣirò ni ó jẹ́ kí ó dá a lójú, kì í ṣe ojú nìkan.

P. N. A. M. ni P(adre) N(osso) A(ve) M(aria). Òkú ni ó ń bẹ ẹni tí ó ń kọjá pé kí ó gba àdúrà Baba Wa àti Mo kí ọ Màríà fún ọkàn òun. Ó ní lẹ́tà mẹ́rin yìí náà máa ń wà lára àwọn ojúbọ kéékèèké ẹ̀bá ọ̀nà ní Potogí, tí wọ́n ń pè ní “alminhas”, tí a gbé kalẹ̀ nítorí àwọn ọkàn tí ó wà ní pọ́gátórì. Ó dùn mí pé a ti ń wo fọ́tò yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn ẹ̀bẹ̀ náà.

Àbùkù iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ìtumọ̀ sí, èmi ni mo sì fúnra mi gbé e wá sí Yorùbá. Ó lo àlàyé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ìwé kan lórí “saudade”, ó ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Àwa ní i: àárò ni. Ìrántí tí ilé iṣẹ́ Èkó kọ kò tó o, nítorí pé ènìyàn lè rántí ẹni tí àárò rẹ̀ kò sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “filhos”. Èdè Potogí máa ń fi ọ̀rọ̀ akọ pe àkójọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, “ọmọ” tiwa kò sì bèèrè akọ tàbí abo rárá. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ó fi “kùnrin” kún un láti inú ara rẹ̀. Mo ti ka èyí fún àbúrò bàbá mi.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún obìnrin Salvador náà. Ọ̀kan tí mo yọ jẹ́ nítorí pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó dáhùn lẹ́tà. Ìràwọ̀ 1 ni ti ilé iṣẹ́ Èkó, fún ìlà tí wọ́n fò láìsọ. Ohun tí a kọ sínú ìwé ìdílé nìyí:

“Níhìn-ín ni ara Ìyáàfin Lágbájá sinmi sí, ẹni tí a bí ní Bahia ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1829, tí ó sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1891, ní ẹni ọdún 62, oṣù [3] àti ọjọ́ 9. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú àárò tí kò lópin. Ẹ gba Baba Wa kan àti Mo kí ọ Màríà kan.”

LX.A tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkékúrú Lisboa, láti inú “Lixboa” ti àtijọ́, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ òkúta náà. Àmì ìbéèrè ni ó fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.