Àgbéyẹ̀wò sed: bí mo ṣe fi yí àkọlé òpó kan padà nínú fáìlì CSV ńlá láìfọwọ́ kan ìlà dátà kankan

Fáìlì tí mo lo ètò yìí fún jẹ́ àkójọ àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà. Ó tó nǹkan bíi gígábáìtì 4, ìlà rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 30. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n ṣe sí i: kí òpó tí ó ń jẹ́ `phone` máa jẹ́ `phone_number`, nítorí pé orúkọ yẹn ni ètò tí yóò gba fáìlì náà wọlé sínú PostgreSQL ń wá. Báìtì méje péré ni yóò wọlé sí ìlà àkọ́kọ́, ìlà yòókù kò gbọdọ̀ mì.

Kí n tó dé ìdí sed, a ti kọ́kọ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ nígbà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnìkan fi ètò tábìlì ṣí abala kékeré kan nínú rẹ̀ láti dán an wò. Nígbà tí ó tọ́jú rẹ̀ padà, òdo tí ó wà níwájú gbogbo nọ́ńbà fóònù ti pòórá, nítorí pé ètò náà ka 0803 sí iye owó tàbí iye ọjà, kò kà á sí nọ́ńbà tí ènìyàn ń tẹ̀. Odindi fáìlì náà kò tilẹ̀ lè wọ inú irú ètò bẹ́ẹ̀: ìlà 1,048,576 ni Excel lè gbà lórí ojú ìwé kan.

Ìgbà kejì ni ó dùn mí jù, nítorí pé a rò pé a ti ṣọ́ra. A fi Páítọ́nì kọ ètò kékeré kan, a sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni kí ó ka gbogbo òpó sí, òdo iwájú nọ́ńbà sì dúró. Ṣùgbọ́n ètò náà ka fáìlì wọlé, ó yí orúkọ òpó padà, ó sì tún gbogbo ìlà kọ ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì bọ́ àmì àyọlò kúrò lára gbogbo ibi tí kò ti rí ìdí fún un. Nínú fáìlì tiwa, òpó `middle_name` lè ṣófo ní ọ̀nà méjì. Bí ó bá jẹ́ `""`, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oníbàárà náà sọ pé òun kò ní orúkọ àárín. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan láàárín kọ́mà méjèèjì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò bi í rí. Àṣẹ `COPY` ti PostgreSQL mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: ọ̀rọ̀ òfìfo ni ó máa ń ka ti àkọ́kọ́ sí, `NULL` ni ó sì máa ń ka èkejì sí. Lẹ́yìn tí ètò wa ti bọ́ àmì àyọlò, gbogbo wọn di `NULL`. Kò sí àṣìṣe kankan tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, iye ìlà sì pé pérépéré. RFC 4180 tí ó ṣàpèjúwe CSV ní 2005 gbà pé kí àmì àyọlò wà tàbí kí ó má sí lára ọ̀rọ̀ tí kò ní kọ́mà, àmì àyọlò tàbí ìlà tuntun nínú, nítorí náà irú ètò bẹ́ẹ̀ kò rú òfin kankan. Nínú fáìlì tiwa, àmì náà ní ìtumọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi yan sed. Láti ìgbà tí Lee McMahon ti kọ ọ́ ní Bell Labs ní àwọn ọdún 1970 ni ó ti jẹ́ ètò tí ń ka ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kì í kó odindi fáìlì sínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Kò mọ ohun tí CSV jẹ́ rárá, àìmọ̀ yẹn gan-an ni mo sì fẹ́: ohun tí mi ò bá ní kí ó fọwọ́ kàn, bí ó ṣe rí ni yóò ṣe jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wo ìlà àkọ́kọ́ ní báìtì kọ̀ọ̀kan:

```
head -n 1 onibara.csv | od -c
```

Mo rí i pé àmì àyọlò wà lára orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan, pé `357 273 277` wà níwájú ohun gbogbo, pé `\r \n` ni ó sì parí ìlà náà. Báìtì mẹ́ta iwájú yẹn ni àmì tí àwọn ètò kan máa ń fi sí orí fáìlì UTF-8, ojú kì í rí i bí a bá kàn ṣí fáìlì náà. Lẹ́yìn náà ni mo pàṣẹ yìí:

```
sed -b '1s/,"phone",/,"phone_number",/' onibara.csv > tuntun.csv
```

Nọ́ńbà `1` ni ó há iṣẹ́ náà mọ́ ìlà àkọ́kọ́ nìkan. Kọ́mà àti àmì àyọlò ni ó dáàbò bo òpó mìíràn tí ó ń jẹ́ `phone_alt`. Ká ní `phone` lásán ni mo kọ ni, tí `phone_alt` sì ṣáájú, òun ni ìbá yí padà. `-b` ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń lo GNU sed lórí Windows, nítorí pé láìsí i, `\r` tí ó wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan lè sọnù, a ó sì ti yí gbogbo ìlà padà láìmọ̀. Lórí Linux kò ṣe rere, kò ṣe ibi.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá máa lo ètò yìí má fò rárá:

```
cmp <(tail -n +2 onibara.csv) <(tail -n +2 tuntun.csv)
wc -c onibara.csv tuntun.csv
```

`cmp` kò sọ ohunkóhun, èyí tí ó túmọ̀ sí pé láti ìlà kejì títí dé òpin, kò sí báìtì kan tí ó yàtọ̀. `wc` fi hàn pé fáìlì tuntun fi báìtì méje ju ti àtijọ́ lọ, iye lẹ́tà tí ó wà nínú `_number` gẹ́lẹ́.

Iye méje yìí ṣe pàtàkì nítorí àléébù kan tí mi ò fẹ́ràn lára sed: bí kò bá rí ohun tí a ní kí ó wá, kò ní kígbe. Yóò da fáìlì náà kọ bí ó ṣe wà, yóò sì jábọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. `cmp` pàápàá yóò dákẹ́, nítorí pé ìlà yòókù bára mu lóòótọ́. Ìyàtọ̀ òdo nínú iye báìtì ni yóò tú àṣírí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo fẹ́ yí `cust_id`, òpó àkọ́kọ́, padà lọ́jọ́ kejì. Mo kọ `1s/^"cust_id"/"customer_id"/`, kò sì sí ohun tí ó yí padà, nítorí pé báìtì mẹ́ta àìrí yẹn ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kì í ṣe àmì àyọlò. Mo yọ `^` kúrò, ó sì ṣiṣẹ́. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ń wá òpó ìkẹyìn pẹ̀lú `$` yóò rí i pé `\r` ń dí i lọ́nà.

Ní ti àkókò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gbà mí. Ní ti àyè, ẹ ní láti ní ààyè tó ìlọ́po méjì fáìlì náà, kódà bí ẹ bá lo `-i`, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè ki báìtì méje bọ iwájú fáìlì láìsún gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn. Fáìlì mìíràn ni `-i` máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò wá fi rọ́pò ti àtijọ́. Èmi kì í lò ó fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí ti àtijọ́ bá ti lọ, kò sí ohun tí `cmp` yóò fi wéra mọ́.

Ibì kan wà tí mi ò ní lo àṣẹ yìí bí ó ṣe rí yìí: bí àkọlé òpó kan bá ní ìlà tuntun nínú àmì àyọlò rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ fáìlì kì í ṣe odindi àkọlé mọ́, òpó tí a ń wá sì lè wà ní ìlà kejì. Àyẹ̀wò `od` yóò fi í hàn, nítorí pé iye àmì àyọlò tí ó wà ní ìlà náà kò ní pín sí méjì dọ́gba.