Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n fọwọ́ sí i pé mo ti kánsẹ́lì, wọ́n ṣì ń yọ owó mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ síta. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn tọ́jú fọ́tò àti fáìlì sórí ayélujára ni, owó oṣooṣù ni mo ń san fún wọn. Mo ní mi ò ṣe mọ́. Wọ́n béèrè ìdí, mo sọ. Wọ́n ní kí n gba ẹ̀dínwó, mo kọ̀. Ímeèlì bá wọlé: "A ti fòpin sí ìforúkọsílẹ̀ yín. A kò ní yọ owó kankan mọ́." Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀. Kí ló tún kù?

Nǹkan mìíràn pátápátá ni mo ń wá nínú sítétíméǹtì báńkì tí mo fi rí i pé wọn ò tíì dáwọ́ dúró. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, wọ́n yọ ọ́! Orúkọ tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ jọ orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí. Ti àwọn tó ń bá wọn gba owó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má bi mí pé ibo ni mo wà láti ìgbà yẹn. Ta ló ń yẹ owó kéékèèké wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Ohun tí wọ́n gbójú lé gan-an nìyẹn.

Mo pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ní owó náà ti wà lójú ọ̀nà kí n tó kánsẹ́lì. Owó wo ló ń rìn lójú ọ̀nà fún odidi oṣù? Ẹlòmíì ní ètò méjì ni mo ní, ọ̀kan ṣoṣo ni mo pa. Ìgbà wo ni mo ní ètò méjì? Ìkẹta wá fi ohùn dídùn sọ pé àwọn á fi kírẹ́díìtì sínú àkáǹtì mi. Àkáǹtì tí mo ti pa! Kí n fi ra kí ni lọ́wọ́ ẹni tí mi ò fẹ́ rí mọ́? Ẹ má gbà á o. Tí ẹ bá gbà á, wọ́n á sọ fún báńkì yín pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ni mo bá kọ lẹ́tà. Gbogbo èébú tó wà lẹ́nu mi ni mo gbé mì, nítorí ọjọ́ méjì ni ẹni tó máa ka ẹjọ́ náà ní báńkì ń wá: ọjọ́ tí mo kánsẹ́lì àti ọjọ́ tí wọ́n yọ owó. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Mo fòpin sí ìforúkọsílẹ̀ mi, ẹ sì fi ímeèlì jẹ́rìí sí i, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ yọ àwọn owó tí mo tò sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò fún yín láṣẹ láti yọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sórí káàdì kan náà láàárín ọjọ́ 14, kì í ṣe kírẹ́díìtì, kí ẹ sì pa àkọsílẹ̀ káàdì mi rẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gbé e lọ sí báńkì mi."

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì ti tó. Ẹ má kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Wọn ò fèsì. Báńkì ni mo gbà lọ. Visa ní nọ́ńbà fún irú ẹ̀sùn yìí gan-an, 13.2, ìyẹn owó tí wọ́n ṣì ń yọ lẹ́yìn tí oníbàárà ti kánsẹ́lì. Ẹ ò rí i pé èmi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún! Àmọ́ ẹ má fi falẹ̀: ọjọ́ 120 ni wọ́n sábà máa ń fúnni, wọ́n sì ń ka ti owó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ̀rù èyí tó pẹ́ jù ló ń bà mí.

Àwọn tó ń sọ pé kí n kàn gba káàdì tuntun, ẹ dákẹ́ ná. Báńkì lè fi nọ́ńbà tuntun náà ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́, kí owó oṣooṣù má baà já. Ẹ sọ fún báńkì ní tààràtà pé kí wọ́n dí ilé-iṣẹ́ náà lọ́nà. Pípa áàpù rẹ́ lórí fóònù ò sì kánsẹ́lì nǹkan kan.

Ní tèmi o, mi ò tún fi káàdì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, olóòótọ́ tàbí olè. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ímeèlì wọn tún wọlé. Wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́, àárò mi ń sọ wọ́n. Owó mi ńkọ́?